Lẹ́tà Ìbánikẹ́dùn sí Ìyá Tóbi àti Àwọn Ọmọ, pẹ̀lú Ìwé sí Bíọ́dún Tí Yóò Tú U sí Gẹ̀ẹ́sì

Òkè-Àdó, Ìbàdàn
Ọjọ́rú, ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, 2025

Ìyá Tóbi, Tóbi àti Dámilọ́lá,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú àràfẹ́rakù. Ẹ kú ìrọ́jú.

Láti Àbámẹ́ta, ọjọ́ 4, tí a ti gbọ́ pé Kọ́láwọlé ti fi wá sílẹ̀, ilé yìí dákẹ́. Ọmọ ọdún 52. Ẹni tí à ń retí pé yóò sin wá ni à ń sin yìí.

Ìyàwó wa, a mọ bí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tó fi ṣàìsàn. Ẹ ṣe é dójú àmì. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé yìí tó ní ìbéèrè kan láti bi yín, ọpẹ́ nìkan la ní. Ilé yín ṣì ni ilé yìí.

Tóbi, Dámilọ́lá, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni bàbá yín máa ń pè wá. Orúkọ yín ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ̀yin lọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kánjú dàgbà. Bí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ sun ún.

Ìyá wa àgbà kò ní wá síbi ìsìnkú, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá, kì í ṣe àìbìkítà. Fúnkẹ́, àbúrò Kọ́láwọlé, ni yóò ṣojú wa ní Mánṣẹ́sítà lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24. Aago kan náà ni tiwa àti tiyín lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ti di aago 11 àárọ̀, àwa náà yóò ti pé jọ, a ó máa gbàdúrà.

Kí Olúwa tẹ́ Kọ́láwọlé sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó dá yín sí fún ara yín. Kí ó má jẹ́ ká tún gbọ́ irú èyí.

Èmi ni, lórúkọ gbogbo ẹbí,
Adéwálé, ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé

Bíọ́dún,

Àwọn ọmọ ni kí o tú lẹ́tà yìí fún, kí ti ìyá wọn wà ní Yorùbá. Ojú ìwé kan náà ni kí méjèèjì wà.

Má tú "ẹ kú" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kú" inú wọn kì í ṣe ikú, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ìkíni tó bá wọn dọ́gba. Sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: pé a bá wọn kẹ́dùn, àti pé a mọ̀ pé wọ́n ń fara dà á. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọrọ àforíjì nígbà téèyàn bá tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ kéré fún èyí, má dá a lò. Má sì kọ ọ́ pé à ń ṣàjọyọ̀ ìgbésí ayé rẹ̀. Òkú àgbà ló ni ìyẹn, òun ló sì ni "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" tí mi ò kọ.

"Ìyàwó wa" yóò já àwọn ọmọ láyà bí o bá tú u ní ṣánṣán. Kọ ọ́ pé ìyàwó àbúrò mi, tó ti di ọmọ ilé wa. Ti "ìbéèrè" ló le jù, torí ní Gẹ̀ẹ́sì ó lè dún bí ẹni pé a fura sí i tẹ́lẹ̀. Fi ọpẹ́ ṣíwájú, kí o sì sọ pé a fọkàn tán an pátápátá.

"Ẹ" tí mo fi bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò ní i, nítorí náà inú ìgbékalẹ̀ ni kí ọ̀wọ̀ náà wà: má gé ọ̀rọ̀ kúrú bíi ti àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. "Wọ́n" tí mo lò fún Màmá, ẹnì kan ni. Bí o bá sọ ọ́ di ọ̀pọ̀, wọ́n á máa wá àwọn yòókù. "Àbúrò" kò sọ ọkùnrin tàbí obìnrin, sọ pé arábìnrin bàbá wọn ni Fúnkẹ́.

Fi òwe náà sílẹ̀ bó ṣe wà, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ti ṣàlàyé rẹ̀. Kàn rí i pé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lo kọ, kí wọ́n má rò pé oúnjẹ ni. Ti sàréè ọmọ ni kí o fi gbólóhùn kan kún: pé àṣà Yorùbá ni, ọjọ́ sì ti pẹ́. "Afẹ́fẹ́ rere" kì í ṣe atẹ́gùn, ìsinmi àlàáfíà ni. Ẹ̀bẹ̀ sì ni àdúrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má jẹ́ kí wọ́n dún bí àṣẹ.

Ka Gẹ̀ẹ́sì náà sókè fún Fúnkẹ́ lórí fóònù kó tó di ọ̀la. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni kí o tún ṣe, kí o tó fi ránṣẹ́.