£350 tí kò tíì dé Òṣogbo: nọ́ńbà TRF-250306-48172

13 Mááṣì 2025

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀sùn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lẹ́tà yìí rọ́pò èyí tí mo kọ ní 11 Mááṣì. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, mo sì da ọ̀rọ̀ owó méjì pọ̀. Ẹni tó dá mi lóhùn wo èyí tó ti dé, ó ní kò sí ìṣòro. Ìṣòro wà: owó àkọ́kọ́ ni kò dé.

OWÓ TÍ KÒ DÉ
Ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, 6 Mááṣì 2025, aago 7:42 alẹ́
Nọ́ńbà: TRF-250306-48172
Iye: £350, pẹ̀lú £2.99 owó iṣẹ́ yín. £352.99 lẹ yọ nínú káàdì mi.
Ohun tó yẹ kó dé: ₦693,000, ní ₦1,980 sí £1
Ẹni tó ni ín: ìyá mi, àkáǹtì tó parí sí 4417

OWÓ TÓ DÉ (kò sí nínú ẹ̀sùn mi)
Ọjọ́ Ajé, 10 Mááṣì, £60, TRF-250310-50936. ₦118,500 wọlé láàárín ìṣẹ́jú 12.

Àkáǹtì kan náà, orúkọ kan náà ni mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí. Ẹ má ṣe sọ fún mi mọ́ pé bóyá mo ṣi nọ́ńbà kọ.

Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Àìkú, "Processing" ni áàpù yín ń gbé jáde. Láàárọ̀ Ajé ó di "Completed". Nígbà tí owó náà kò sì dé, màmá mi lọ sí báǹkì wọn lọ́jọ́ kejì. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ríran báyìí, àbúrò mi ló ka sítétímẹ́ǹtì náà sí wọn létí níwájú káńtà, láti 5 sí 11 Mááṣì. ₦118,500 nìkan ló wọlé. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní kí n gba Session ID lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà oní-30 tí wọ́n fi ń tọpasẹ̀ owó láàárín àwọn báǹkì. Bí kò bá sí i, àwọn ò lè wá a.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ: bí owó náà bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fún mi ní Session ID rẹ̀. Bí kò bá tíì kúrò, ẹ dá £352.99 padà sínú káàdì mi. Ẹ jọ̀wọ́, kó jẹ́ ó pẹ́ tán, Ajé, 17 Mááṣì, nítorí Ọjọ́rú, 19 Mááṣì, ni iṣẹ́ abẹ ojú màmá mi, ilé ìwòsàn kò sì ní gbà wọ́n wọlé láìsanwó.

Mo mọ̀ pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn ẹ̀sùn. Láti 11 Mááṣì ni mo ti ń kà á, 1 Épírì ló sì máa pé. Bí ẹ ò bá yanjú rẹ̀ nígbà náà, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ onílàjà ọ̀rọ̀ owó.

Mo fi rìsíìtì méjèèjì, àwòrán "Completed" àti sítétímẹ́ǹtì tí báǹkì lu òǹtẹ̀ sí ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ni,
Fọláṣadé, Pẹ́kàmù, Lọ́ńdọ̀nù