Fídíò ìwàásù: èyí tó rìn jù àti èyí tó kàn

Ẹ káàárọ̀ sà, Pásítọ̀ wa. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa àná, okun yín ò ní tán o.

Mo ti wo bí àwọn fídíò kéékèèké oṣù yìí ṣe rìn. Èyí tó borí ni ti opó inú Àwọn Ọba Kejì orí 4, níbi tí ẹ ti dákẹ́ díẹ̀, tí ẹ wá bi ìjọ pé, "Kí lo ní nílé?" Ìṣẹ́jú àáyá 48 péré ni, èèyàn 11,400 ló wò ó lórí Fesibúùkù. Ìyá kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ òun kí òun tó gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi, sà. Àdúrà ìdílé ló tẹ̀ lé e, 4,200.

Ti ìdámẹ́wàá kò rìn, 380 ni. Ọ̀rọ̀ náà dára. Orin àti ìkíni tí mo fi ṣáájú ló gùn jù, àwọn èèyàn ti kọjá lọ.

Ìwàásù àná lórí ìdáríjì ni mo fẹ́ gé báyìí, láti ìṣẹ́jú 31, níbi tí ẹ ti sọ bí ẹ̀yin àti àbúrò yín ò ṣe bára yín sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì. Màá kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ń wò ó láì ṣí ohùn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bi àbúrò yín bóyá wọ́n fara mọ́ ọn. Tí wọ́n bá gbà, á jáde lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.