Ìwé báàṣì tó kù kí mọ́tò tó dé ní Fúráìdè

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá àti àǹtí mi gbogbo nínú gúrúùpù yìí, ẹ kú alẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ èéfín kúrò lára ni, ẹlòmíì sì ti sùn. Ẹni tó bá ti sùn kó kà á láàárọ̀, kò sí nǹkan tẹ́nikẹ́ni máa dìde ṣe lálẹ́ yìí.

Kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí mi ò tíì dúpẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀gẹ́ tó dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, píkọ́ọ̀pù méjì, òjò ò dá, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú kì í dúró de èèyàn, tó bá fi máa tó ọjọ́ mẹ́ta inú ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ̀yin ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ ò lọ sílé títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ fi iná fóònù bó èyí tó kù, bọ̀ọ̀dá tó wà nídìí ẹ̀rọ gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó nínú òjò lọ wá mẹkáníìkì, nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́ a ti rin gbogbo ẹ̀, a ti dì í sínú àpò, ẹ̀gẹ́ kankan ò bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo rí i, ọ̀gá náà rí i, a ò sì gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni ti ìwé báàṣì oṣù yìí. A jọ fẹnu kò pé ó máa pé lọ́wọ́ mi ní Fúráìdè tó kọjá, òní sì ti di Túsìdè. Báàṣì 14 la ṣe, 6 ti pé pátápátá, ẹ ṣeun gan-an, 8 ló ṣì ní àlàfo. Nínú 8 yẹn, 5 ni ò ní ọjọ́ tí a tú u kúrò lábẹ́ jáàkì, 2 ni ò ní oko tí ẹ̀gẹ́ ti wá, báàṣì 9 ni ò ní iye àpò tó jáde lẹ́yìn tí a yan án. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ìwé yìí ṣe máa ń rí lójú èèyàn, á dà bíi pé òkè ló wà níwájú, àmọ́ ohun tó kù ò tó kíkọ ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí, mi ò sì ní kọ ọ́. Kí n sọ òtítọ́, lọ́jọ́ Sátidé inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo ṣí fáìlì tí mo rí àlàfo, àmọ́ láàárọ̀ àná mo tètè dé, mo lọ dúró sídìí jáàkì, mo wá rí nǹkan kan tí mi ò rí rí. Wọ́n fi èédú fa ìlà sára pátákó tó wà lẹ́yìn jáàkì kejì. Ìlà mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn, wọ́n wá kọ 11 sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìlà mẹ́ta, 12. Èyí tó wà nísàlẹ̀, òjò tó ń fẹ́ wọlé ti fọ̀ ọ́ dànù, ó kù dúdúdúdú. Ẹ̀yin ará mi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹ ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí! Ẹ ń kọ ọ́ síbi tọ́wọ́ yín tó, èmi wá jókòó sí ọ́fíìsì mò ń retí ìwé.

Mo wá ro ó dáadáa. Aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ ń tú jáàkì, aago mẹ́jọ ni mo ń ṣí ọ́fíìsì, fọ́ọ̀mù sì wà nínú ọ́fíìsì. Ẹ̀yin tó ń yan, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ ń parí, èmi ti ti ilẹ̀kùn láti aago mẹ́rin. Ọwọ́ tó ti kún fún omi ẹ̀gẹ́ àti sítáàṣì, bírò wo ló fẹ́ kọ nǹkan sórí bébà? Torí náà ibi tí mo gbé fọ́ọ̀mù sí ló kọ́kọ́ dá wa dúró, èmi ni mo gbé e síbẹ̀, ẹ má bínú. Láti àárọ̀ ọ̀la, bọ́ọ̀dù dúdú kan á wà lára ògiri lẹ́bàá jáàkì níbi tí òjò ò lè dé, ọ̀kan á wà lẹ́bàá ààrò, ṣọ́ọ̀kì á wà nínú kọ́ọ̀pù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó, èmi á máa kó o sínú ìwé fúnra mi lójoojúmọ́.

Ìdí tí mo fi ń dààmú yín lórí ti oṣù yìí náà rèé. Mọ́tò kọ́sítọ́mà wa ti Èkó ń bọ̀ ní Fúráìdè láago méje àárọ̀, àpò tó ń kó tó 110, ó sì ní òun fẹ́ rí nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́ tó fi kan lára àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí oṣù méjì sẹ́yìn nígbà tó pè wá pé àpò méjì ò kan, pé àwọn oníbàárà òun da omi sí i, ó dà bíi gàrí ibòmíì. Àpò méjì péré ni o! Àmọ́ torí a ò lè nawọ́ sí báàṣì tí méjì yẹn ti wá, a ò lè bá a jiyàn, owó tó yọ jẹ́ ti àpò 20. Àpò 18 tí ẹ ṣe dáadáa, tí ẹ fi ooru iná àti òógùn ṣe, wọ́n fi ìyẹn náà gé wa lówó. Ó dùn mí títí dòní, kì í ṣe torí owó nìkan. Kò sí ìwé tó máa gbẹnu sọ fún iṣẹ́ yín nílùú tí wọn ò ti mọ̀ yín.

Gàrí Ìjẹ̀bú, kíkan ẹ̀ àti gbígbẹ ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá lọ sọ́jà Òkè-Ajé á kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu kó tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ọjọ́ tó fi wà nínú àpò ló ń fún un ní kíkan yẹn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn ẹnu nìkan, ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì nínú, rírin tí a rin ín, kíkan tí a jẹ́ kó kan, omi tí a tẹ̀ jáde lára ẹ̀ àti iná tí a fi yan án, àwọn yẹn ló ń lé e lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ra ọjà púpọ̀ fi máa ń bèèrè pé ọjọ́ mélòó. Òun náà ló ń gbé ẹ̀rọ kékeré wá láti wo omi tó kù lára gàrí, torí ìlànà Codex tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ní kò gbọdọ̀ ju 12 lọ nínú 100. Ti gbígbẹ ò bà mí lẹ́rù rárá, mo mọ ọwọ́ àwọn ìyá tó ń yan. Ọjọ́ kíkan ni ẹ̀rọ ẹ̀ ò lè rí, ẹnu wa nìkan ló ti lè gbọ́ ọ.

Mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ohun tó kù tẹ̀ mí lọ́wọ́ ó pẹ́ tán aago méjìlá ọ̀sán Tọ́sìdè, kí n lè fi ìyókù ọjọ́ kọ lébẹ̀lì, kí àwọn bọ̀ọ̀dá wa sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ lè fi fọ́ìsì ránṣẹ́ síbí tàbí sí èmi nìkan, ẹ lè ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ lè sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Láàárọ̀ ọ̀la àti Tọ́sìdè, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo máa wà lẹ́bàá jáàkì pẹ̀lú ìwé, ẹ máa báṣẹ́ yín lọ, ẹ kàn máa sọ, èmi á máa kọ. Fọ́tò pátákó yẹn ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi í dí àlàfo báàṣì 11 àti 12, torí náà 8 yẹn ti di 6 báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣoṣo: ẹni tí ò bá dá lójú, kó sọ pé kò dá òun lójú. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Báàṣì tí a ò bá mọ ọjọ́ ẹ̀, a ò ní kó o sínú mọ́tò Èkó, a máa tà á fún àwọn oníbàárà wa nílé tí wọ́n á tọ́ ọ wò kí wọ́n tó rà á, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, kò sì ní yọ owó ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí a bá méfò kọ sílẹ̀ ló lè bà wá jẹ́.

Tí nǹkan míì bá sì wà tó ń dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bóyá ọmọ ò yá, bóyá iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹni méjì lẹ́bàá jáàkì, ẹ pè mí, mi ò ní gbé e dé gúrúùpù. Mo kéré sí púpọ̀ nínú yín lọ́jọ́ orí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ fún gàrí mọ̀ pé ó ti gbẹ, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ọmọ yín ń lé yín kiri.

Ẹ̀yin ìyá tó yan báàṣì 9, ṣé 8 ni àpò ẹ̀ àbí 7? Mo ka 7 nínú yàrá àpò láàárọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ò ní nọ́ńbà, okùn pupa ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹni tó fi okùn pupa dì í kó dá mi lóhùn, màá ti gbé e síwájú kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti báàṣì 10.