Lẹ́tà sí Alhájà Àlàbí: Èènì Tí Ó Wà Nínú Búrẹ́dì Yín

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Sí Alhájà Ràṣídátù Àlàbí,
Ilé ìṣe búrẹ́dì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

Alhájà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà owó ìyẹ̀fun tí kò dúró lójú kan. Ẹ kò mọ̀ mí rí. Adéwálé Ògúnṣọlá ni orúkọ mi, iṣẹ́ mi sì ni láti bá àwọn tí ó ní ilé ìṣe búrẹ́dì wá ibi tí owó ń gbà jáde kí èrè tó dé ọwọ́ wọn. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí síṣẹ́. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ di ìparí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí mò ń tà, ohun kékeré kan wà tí mo ṣàkíyèsí nípa búrẹ́dì yín. Ọ̀fẹ́ ni, tiyín sì ni, yálà ẹ pè mí tàbí ẹ kò pè mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra búrẹ́dì yín méjìlá, èyí tí kò tóbi tí kò sì kéré, tí a kọ 500g sí ara ọ̀rá rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ra mẹ́rin ní ojú fèrèsé ìtajà yín. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ra mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá kan tí ń tà á ní Bódìjà. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ra mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ tí mo bá rà á náà ni mo ń tú u kúrò nínú ọ̀rá tí mo sì ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n oníná, lẹ́yìn tí mo bá ti fi òkúta ìwọ̀n kílò kan dán òṣùwọ̀n náà wò. Ohun tí mo rí nìyí, ní gíráàmù:

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 506, 512, 571, 559.
Ọjọ́bọ̀: 518, 566, 588, 524.
Ọjọ́ Ẹtì: 509, 549, 577, 513.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí n sọ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò pé. Ẹ kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí mo máa ń rí ní gbogbo ibi tí mo bá ti wọn búrẹ́dì láyé òde òní. Ṣùgbọ́n tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, búrẹ́dì méjìlá tí ó yẹ kí ó jẹ́ 6,000 gíráàmù jẹ́ 6,492. 492 gíráàmù ni ó fi lé, èyí tí ó kù díẹ̀ kí ó tó odindi búrẹ́dì kan. Èyí já sí pé nígbàkigbà tí ẹ bá ta méjìlá, ẹ ti fi ẹyọ kan tọrẹ.

Alhájà, gbogbo wa ni a mọ èènì. Ẹni tí ń ta gààrì yóò wọn kóńgò kan, yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lójú oníbàárà. Oníbàárà yóò rẹ́rìn-ín, yóò dúpẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì padà sí lọ́jọ́ mìíràn. Èènì tí ẹ̀yin ń fi sínú búrẹ́dì yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rá ni ó wà, ẹni tí ó rà á kò mọ̀ pé òun gba nǹkan kan, àti ẹni tí ó ra 588 àti ẹni tí ó ra 506, iye kan náà ni wọ́n san. Ẹ ń ná owó èènì láìrí ọpẹ́ èènì gbà.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ohun tí ó lè máa fà á. Bí ẹ bá tún wo àwọn nọ́ńbà òkè yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé mẹ́fà wà láàárín 506 àti 524, mẹ́fà yòókù sì bẹ̀rẹ̀ láti 549 lọ sókè. Kò sí èyí tí ó bọ́ sí àárín. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń yẹ̀ síwá sẹ́yìn ni, ó yẹ kí a rí 530 tàbí 540 níbẹ̀. Nítorí náà, ìdí méjì ni mo rò. Ìdí kìíní ni pé ó lè jẹ́ ẹni méjì ni ó ń gé ìyẹ̀fun pípò náà, tí ọ̀kan ń gé e tóbi ju èkejì lọ. Ní tòótọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni mo rí nídìí tábìlì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí nígbà tí mo dúró láti gba ṣéńjì. Ìdí kejì ni yíìsì fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun pípò kì í sùn lórí tábìlì. Bí ó ti ń dúró de ọ̀bẹ ni afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìṣù tí a kọ́kọ́ gé nínú ìyẹ̀fun tí a pò lẹ́ẹ̀kan yóò wúwo ju ìṣù tí a gé ní ìparí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rí i pé méjèèjì tóbi bákan náà. Ẹni tí ó ń fi ojú gé e, tí ẹ̀rù sì ń bà á pé kí ti ìgbẹ̀yìn má baà fúyẹ́ ju bí a ti kọ sára ọ̀rá lọ, yóò máa gé gbogbo rẹ̀ tóbi, ti ìbẹ̀rẹ̀ yóò sì wúwo jù. Ọmọ iṣẹ́ náà kì í ṣe olè, kò sì ya ọ̀lẹ. Orúkọ yín ni ó ń dáàbò bò pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tí ó ní lọ́wọ́, ìyẹn ojú rẹ̀.

Mo sọ pé ojú rẹ̀ nìkan ni ó ní, nítorí pé mo rí òṣùwọ̀n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà. Agolo yíìsì méjì àti aṣọ ìnuwọ́ kan ni ó wà lórí rẹ̀. Ẹ má bínú pé mo wò ó. Ibi tí ojú oníṣẹ́ bá mọ̀, ibẹ̀ ni ó máa ń lọ.

Ní ti iye tí ó ń bá a lọ, n kò mọ iye búrẹ́dì tí ẹ ń ṣe lójúmọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi 1,000 ṣe ìṣirò, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. 41 gíráàmù ni ó ń lé lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé omi máa ń gbẹ kúrò nínú ààrò, 41 gíráàmù búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 46 gíráàmù ìyẹ̀fun pípò, a sì lè ka ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún rẹ̀ sí ìyẹ̀fun gbígbẹ. Ìyókù ni omi, ṣúgà, bọ́tà, iyọ̀ àti yíìsì. Ìyẹn yóò jẹ́ nǹkan bíi 27 gíráàmù ìyẹ̀fun lórí búrẹ́dì kan, tàbí 27 kílò lórí 1,000. Àpò ìyẹ̀fun jẹ́ 50 kílò. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó ju àpò mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ kan, n kò sì tí ì ka ṣúgà, bọ́tà àti epo dísù mọ́ ọn. Ẹ̀yin ni ẹ mọ iye tí ẹ ra àpò kan gbẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ lè ṣe sí i láìpè mí nìyí. Kí wọ́n gbé àwọn agolo yẹn kúrò lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì wọn ìṣù kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ páànù, láti ìṣù àkọ́kọ́ dé ìṣù ìkẹyìn. Kí ẹ tó yan ìwọ̀n tí wọn yóò máa gé e sí, ẹ wọn ìṣù mẹ́wàá kí wọ́n tó wọ ààrò, kí ẹ sì tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde tí wọ́n sì ti tutù tán, nítorí ààrò kan yàtọ̀ sí òmíràn. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí díẹ̀ sí i bá ń lọ nínú ààrò tiyín, ìṣù 575 gíráàmù yóò fún yín ní búrẹ́dì tí ó wà ní àyíká 512. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e débi pé yóò di 500 géérégé, kí ọ̀kan má baà yọ̀ bọ́ sí 490. Ẹ má sì bẹ̀rù pé àwọn oníbàárà yóò sọ pé búrẹ́dì yín ti kéré: ìdajì àwọn tí mo rà ti wà ní ìwọ̀n yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń rà á láìjanpata.

Búrẹ́dì méjìlá kò pọ̀ tó kí n fi búra, oríṣi kan ṣoṣo ni mo sì wọ̀n. Bí ẹ bá fúnra yín wọn ọgbọ̀n láàárọ̀ ọ̀la, tí ẹ sì rí i pé tiyín kò rí bí tèmi, òótọ́ tiyín ni kí ẹ gbà.

Wàyí o, ohun tí mò ń tà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ olùtọ́jú ilé ẹrù ní ilé ìṣe búrẹ́dì kan ní Abẹ́òkúta, èyí tí ó ti kógbá sílé báyìí. Ọjà wà, oníbàárà wà, ṣùgbọ́n a kì í wọn nǹkan, a kì í ka búrẹ́dì tí ó padà wá láti ọjà, ìwé àwìn sì wà lórí awẹ́ páálí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá gbà mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n ó lò lọ́dọ̀ yín, pẹ̀lú òru, nítorí òru ni iṣẹ́ búrẹ́dì. N ó tẹ̀ lé àpò ìyẹ̀fun láti ilé ẹrù dé inú mísà, dé orí tábìlì, dé inú ọkọ̀, títí dé orí búrẹ́dì tí àwọn tí ń tà á dá padà àti owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ní òpin rẹ̀, n ó fún yín ní ìwé kan ní èdè Yorùbá, tí ó sọ iye tí ń sọnù ní ibi kọ̀ọ̀kan àti ohun tí a ó ṣe sí i, n ó sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín kan bí yóò ṣe máa kọ àkọsílẹ̀ náà lẹ́yìn mi. Èmi kì í dá àbá pé kí a lé òṣìṣẹ́ kankan, n kò sì wá láti ọ̀dọ̀ NAFDAC tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba kankan. Ohun tí mo bá rí, ẹ̀yin nìkan ni n ó sọ ọ́ fún. Owó iṣẹ́ mi jẹ́ ₦180,000: ₦60,000 ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù nígbà tí ìwé náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kìíní bá parí tí n kò tí ì fi ohun tí ó ju ₦60,000 yẹn lọ hàn yín, n ó dá a padà, a ó sì dúró níbẹ̀.

Ìyá kan tí ó ní ilé ìṣe búrẹ́dì ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ṣiṣẹ́ fún ní ọdún tó kọjá, ti gbà pé kí n fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ bi í nípa mi, yálà rere tàbí búburú.

N ó wá sí Òkè-Àdó ní Ọjọ́bọ̀ yìí, ọjọ́ 16, ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kírun Àsárì. Ogún ìṣẹ́jú péré ni mò ń tọrọ. Bí ọjọ́ yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, nọ́ńbà fóònù mi wà lẹ́yìn àpòòwé lẹ́tà yìí; ẹ ní kí ọmọ kan tẹ̀ mí láago, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ó wù yín. N ó mú òṣùwọ̀n mi dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Adéwálé Ògúnṣọlá

Ẹ jọ̀wọ́, kí n má gbàgbé: àwọn ará ilé mi ni wọ́n jẹ búrẹ́dì méjèèjìlá. Àwọn ọmọ ní kí n tún lọ wọn òmíràn.