Olùtọ́jú sítóò òògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára

Àkọlé

Alábòójútó sítóò òògùn | Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 2016 | Ìtọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára, kíka ọjà, bíbéèrè òògùn kí ó tó tán

Nípa mi

Iṣẹ́ mi ni kí òògùn wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí aláìsàn bá nílò rẹ̀, kí ó sì jẹ́ èyí tó ṣì lágbára. Apá kejì yẹn ni mo mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ooru ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì tàbí ti hẹpatáítíìsì B bá dì, ó bàjẹ́ nìyẹn, kódà bó bá yọ́ padà. Àmì ara ìgò kò lè tú u fó, torí ooru nìkan ni ó ń fi hàn. Nítorí náà ni mo ṣe ń ka tẹmọ́mítà fíríìjì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú: 2°C sí 8°C, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni mo ń kọ́kọ́ gbé jáde, ì báà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn.

Mo ń wá iṣẹ́ alábòójútó ní sítóò tó ń pín abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn.

Ìrírí

*Alábòójútó sítóò òògùn, ilé ìwòsàn ńlá, 2020 títí di ìsinsìnyí*

Èmi àti akọ̀wé méjì là ń bójú tó oríṣi òògùn 640 àti fíríìjì 5. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ń ka ọjà, inú ìwé la sì ń kọ ọ́ sí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo sì sọ kíkà náà di oṣooṣù. Páálí 31 la dànù lọ́dún àkọ́kọ́ nítorí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Lọ́dún tó kọjá, páálí 4 ni.

Lọ́dún 2022, fíríìjì kan sọ̀ kalẹ̀ dé -3°C lóru. Mo ya gbogbo ìgò inú rẹ̀ sọ́tọ̀, a sì ṣe àyẹ̀wò mímì: a mọ̀ọ́mọ̀ mú ìgò kan láti inú ìdì kan náà dì, a jẹ́ kó yọ́, a wá mì í pọ̀ mọ́ èyí tí a ń fura sí, a sì wo bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn ṣe ń wálẹ̀. Bákan náà ni wọ́n wálẹ̀, ìyẹn ni pé èyí tí a ń fura sí náà ti dì. Ìgò 200 la kó dànù. A kò fún ọmọ kankan nínú rẹ̀.

*Akọ̀wé sítóò, ilé iṣẹ́ tó ń pín òògùn, 2016 sí 2020*

Mo ń gba ẹrù, mo ń yẹ nọ́ńbà ìdì àti ọjọ́ wò kí n tó buwọ́ lùwé, mo sì ń di abẹ́rẹ́ sínú àpótí yìnyín. Mi ò jẹ́ kí ike yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fírísà jáde kan abẹ́rẹ́, àfi tí mo bá gbọ́ tí omi ń mì nínú ike náà.

Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ṣe ṣáájú ìgbà náà wà nínú sífíì mi, mo sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè.