Òfin Ilé Ẹ̀kọ́ Wa Lórí Lílo Ẹ̀rọ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Láti ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́, Ìjẹ̀bú-Òde. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó wà nínú ọgbà yìí, títí kan àwọn tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀.

1. Ohun tó bí òfin yìí

Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí àwọn olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba àròkọ tí ohùn gbogbo wọn dọ́gba, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó kọ ti gbogbo kíláàsì. Ọ̀rọ̀ méjì ló dé iwájú ìgbìmọ̀ tó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìkìlọ̀ ẹnu lásán kò tó mọ́.

Àkọ́kọ́: akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ iṣẹ́ lórí Sùngbọ́ Erédò, odi àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fi ọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà kan lẹ́nu wò ní Òkè-Eèrí. Ọ̀rọ̀ bàbá náà dùn ún kà. Olùkọ́ wá bi í pé ibo ló ti wọ mọ́tò, ta ló mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá, àga wo ni wọ́n fún un jókòó. Kò rí nǹkan kan sọ. Kò dé Òkè-Eèrí rí. Ẹ̀rọ ló bá a ṣẹ̀dá bàbá náà, tó sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohun tó dun olùkọ́ yẹn jù ni pé àwọn àgbà tó mọ ìtàn yìí ṣì wà láàyè, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí wa.

Èkejì: wọ́n fi ẹ̀sùn kan akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pé ẹ̀rọ ló kọ àròkọ rẹ̀, nítorí pé sọ́fútíwíà kan tó ń ṣàyẹ̀wò sọ bẹ́ẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ìwé àjákọ ẹlẹ́yìn dúdú, tí epo pupa ti ta sí ojú ìwé kẹrin nítorí pé ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ ọ́. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ó ti fa ìlà sí ti àkọ́kọ́, ó tún ti kọ òmíràn sórí rẹ̀. Òun ló kọ ọ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì kọ abala keje òfin yìí nítorí rẹ̀.

2. Ìtumọ̀

Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú òfin yìí ni sọ́fútíwíà èyíkéyìí tó lè kọ ọ̀rọ̀, tún ọ̀rọ̀ kọ, túmọ̀ èdè, ya àwòrán tàbí dáhùn ìbéèrè fúnra rẹ̀: ChatGPT, Gemini, Copilot, Meta AI tó wà nínú WhatsApp, Grammarly, Google Translate, àti èyíkéyìí tó bá tún jáde lẹ́yìn wọn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló pín èyí tó tọ́ sí ọ̀tọ̀, tó sì pín èyí tí kò tọ́ sí ọ̀tọ̀: *ta ló ro èrò yìí, ta ló sì to ọ̀rọ̀ rẹ̀?* Bí ó bá jẹ́ ìwọ, tí ẹ̀rọ kàn bá ọ nu eruku orí rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló rò ó, tí ìwọ kàn kọ orúkọ rẹ sórí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ kọ́. Àwọn baba wa ní ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fúnni lápá, a ṣo péńpé.

3. Ohun tó tọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹ̀rọ yẹ sípẹ́lì, gírámà àti àmì ìdánudúró wò nínú iṣẹ́ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tán. Ẹ̀rọ á dábàá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gba àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wọlé tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Kí ènìyàn tẹ bọ́tìnì kan kí ẹ̀rọ sì tún gbogbo ojú ìwé kọ, àtúnṣe gírámà kọ́ nìyẹn, abala karùn-ún ló wà fún un.

Fífi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ Yorùbá náà wà lábẹ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ «oko re baje loju ona Sagamu» sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lè fi àmì sí i títí yóò fi di ọkọ, ẹni tó fẹ́ ìyàwó, nígbà tí ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì ni akẹ́kọ̀ọ́ ní lọ́kàn. Ó sì lè sọ ọ́ di ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ló ni àṣìṣe náà. Nínú ẹ̀kọ́ tí a ti ń dán àmì ohùn fúnra rẹ̀ wò, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá sí i rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tún lè ní kí ẹ̀rọ ṣàlàyé ohun tí kò yé e ní kíláàsì, kí ó fún òun ní ìbéèrè láti fi dánra wò kí ìdánwò tó dé, tàbí kí ó túmọ̀ ìwé tí a kọ ní èdè tí kò gbọ́ kí ó lè yé e. Bí ẹ̀rọ bá dárúkọ ìwé kan fún ọ, wá ìwé náà rí ní láíbìrì tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kà á, kí o tó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú tàbí ọwọ́ ń dà láàmú lè lo ẹ̀rọ tó ń kàwé síni létí tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di kíkọ, nígbà gbogbo, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ kankan.

4. Ohun tó wà láàárín

Ìlapa èrò, àkọlé, àtẹ àti àwòrán tí ẹ̀rọ ṣe: ó tọ́ bí olùkọ́ bá ti kọ ọ́ sínú ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ó tọ́. Bí kò bá kọ nǹkan kan, bèèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó béèrè tí olùkọ́ sì dá lóhùn kì í jẹ̀bi.

5. Ohun tí kò tọ́

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àròkọ, iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ náà wà lábẹ́ èyí. Kí ẹ̀rọ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí o sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí o fi ẹ̀rọ mìíràn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí a má baà dá a mọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ṣíṣẹ̀dá ẹ̀rí ló burú jù lójú wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ dá ẹni tí kò sí, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ, iye tí kò kà, tàbí ìwé tí kò sí sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí kọjá ti ìwé lásán. Ó ń fi irọ́ sínú ìtàn àwọn ènìyàn wa, ẹni tó bá sì ka iṣẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú yóò gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ kò gbọdọ̀ di Yorùbá àjùmọ̀lò lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá bá ọ kọ ohùn wọn sílẹ̀, jókòó tì í, gbọ́ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì dá ọ̀rọ̀ wọn padà bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Nígbà ìdánrawò ìkọ́ni ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Òdogbolú, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù, orúkọ, máàkì, àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ àìlera ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 dáàbò bo àwọn ọmọ náà.

Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Bí ẹni tó ń bá ọ tẹ̀ ẹ́ bá fi ẹ̀rọ tún un kọ, orí rẹ ló wà. Kà á kí o tó gbé e wá.

6. Ìjẹ́wọ́ lílò

Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ohun tó lo, bí èyí: «Mo fi Grammarly yẹ sípẹ́lì wò lójú ìwé 3 sí 7. Mo ní kí ChatGPT ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín òwe àti àkànlò èdè kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.» Ẹni tí kò lo nǹkan kan yóò kọ pé: «N kò lo ẹ̀rọ kankan.» Ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù máàkì nítorí pé ó jẹ́wọ́ ohun tó tọ́.

7. Bí a bá fura

Èsì sọ́fútíwíà tó ń wá iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tó ẹ̀rí. OpenAI tó ṣe ChatGPT gbé irú sọ́fútíwíà bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Nínú ìdánwò tiwọn, 26 péré nínú 100 iṣẹ́ ẹ̀rọ ló dá mọ̀ dájú, ó sì fi ẹ̀sùn kan 9 nínú 100 tí ènìyàn kọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní oṣù keje ọdún kan náà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford rí i pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ẹ̀sùn èké kan àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Àwa gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fura yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje. Olùkọ́ méjì ni yóò jókòó, fún ogún ìṣẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ẹnì kejì dání, kí ó sì kó ìwé àjákọ, àkọsílẹ̀ orí fóònù àti ohùn tó gbà sílẹ̀ wá. Wọn yóò bi í nípa iṣẹ́ náà bí a ṣe ń bi ẹni tó ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí wọ́n fi bi í. A kò ì tíì dá a lẹ́bi.

8. Ìjìyà

Nígbà àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún iṣẹ́ náà kọ, kò sì ní gbà ju ìdajì máàkì lọ. Nígbà kejì, òdo ni fún ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀dá ẹ̀rí, tàbí tí ẹ̀rọ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí ni yóò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

9. Àwọn olùkọ́

Olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi máàkì sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ kó ìwé akẹ́kọ̀ọ́ sínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò sọ ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà fún kíláàsì rẹ̀. Bí òun náà bá fi ẹ̀rọ ṣe ìwé ìkọ́ni, kí ó jẹ́wọ́ bí abala kẹfà ṣe wí.

Olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni a ó gbé ìbéèrè lórí òfin yìí lọ bá. Ìgbìmọ̀ yóò tún un yẹ̀ wò ní oṣù keje ọdún 2026, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá yàn.