Àkọlé Ìròyìn Ajé àti Ohun Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Rẹ̀

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà ní Àjàṣẹ́, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ìròyìn Faransé lórí rédíò. A fi àkọlé kọ̀ọ̀kan sí Yorùbá bó ṣe kúrú mọ́, a tú u síta, a sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ajé tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀WỌ́N GÓGÓ RỌLẸ̀

Ní kíkún: Owó ọjà ṣì ń lọ sókè, àmọ́ kò sáré tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àkọlé yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀. Oníbàárà á dé ìdí àtẹ, á ní, "Ìyá, rédíò ní ọjà ti wálẹ̀, ẹ bá mi dín in kù." Kò sẹ́ni tó ní ọjà wálẹ̀. Ká ní kọ́ńgò gàrí jẹ́ 500 sẹ́fà. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 10 nínú 100, gàrí di 550. Lọ́dún kejì, ó rọ̀ sí 2 nínú 100, gàrí di 561. Ọ̀wọ́n gógó rọlẹ̀ lóòótọ́, 61 sẹ́fà náà sì ti kúrò lápò yín, kò padà. Bí gàrí bá padà sí 540, ìyẹn la fi lè sọ pé ọjà wálẹ̀.

Àwọn tó ń ṣírò ọ̀wọ́n gógó kì í wo gàrí nìkan. Wọ́n máa ń kó oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀, aṣọ àti oògùn pọ̀, wọ́n á sì fún kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìdílé tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn lè má rí ara wọn nínú nọ́ńbà yẹn rárá.

ÌRÀNWỌ́ EPO: Ó TÁN

Ní kíkún: Ìjọba Nàìjíríà kò ní í san lára owó bẹntiróòlù fún ẹni tó ń rà á mọ́.

Ta ló ń ṣèrànwọ́? Ta ló ń jẹ ẹ́? Àkọlé ò sọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ tí Bola Tinubu gba ìjọba, ló kéde rẹ̀ l'Abuja. Ìrànwọ́ owó ni pé kí ohun kan náni ní iye kan, kí ẹni tó ń rà á san iye tó kéré sí i, kí ìjọba sì fi àpò ìlú dí àlàfo tó kù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye lítà kan nílé epo Nàìjíríà ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Kí ló kan Àjàṣẹ́? Ẹ wo ẹ̀bá títì: ìgò gíga, bọ́ńbọ̀, àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ọkàdà. Kpayo ni. Àlàfo tí ìjọba Nàìjíríà ń dí yẹn gan-an ni èrè ẹni tó ń gbé epo gba Ìgólò wọlé. Àwa náà ń jẹ nínú ìrànwọ́ ìlú oníìlú láìsan owó orí kọ́bọ̀ fún wọn. Nígbà tí ó tán níbẹ̀, kpayo wọ́n níbí, owó ọkàdà sì tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n pinnu l'Abuja nàró sórí títì Àjàṣẹ́, àkọlé ò sì dárúkọ wa.

NÁÍRÀ ṢUBÚ, SẸ́FÀ DÚRÓ

Ní kíkún: Náírà kan ò ra iye owó òkèèrè tó máa ń rà tẹ́lẹ̀, sẹ́fà kò kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́ sí Yúrò.

Láti 1999, Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà. Ti náírà yàtọ̀: ní oṣù kẹfà 2023, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà fi í sílẹ̀ kí ọjà sọ iye rẹ̀. Ká ní 1,000 náírà ń gba 1,000 sẹ́fà, ó wá di 500. Àpò ìrẹsì 20,000 sẹ́fà tí ará Nàìjíríà ń fi 20,000 náírà rà ti di 40,000 fún un, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi sẹ́fà kan kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rajà wá láti Nàìjíríà, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé sẹ́fà kì í mì, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ oṣù kìíní 1994. Ní Dakar ni àwọn ìjọba ti pinnu pé faran Faransé kan, tó jẹ́ 50 sẹ́fà, á di 100. Ìyẹn kì í ṣe ìṣubú, ìdínwó ni: ọjà kọ́ ló fà á, àṣẹ ni.

BẸ̀NẸ̀ KÓ DỌ́LÀ 750 MÍLÍỌ̀NÙ LỌ́JÀ

Ní kíkún: Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ yá owó.

Oṣù kejì 2024 ni. Kò tajà kankan. Ìwé gbèsè ló tà fún àwọn olówó òkèèrè: wọ́n fún un lówó, ó ṣèlérí èlé àti ọjọ́ tí òun yóò dá a padà. Bí ẹ bá ti rí "kó" tàbí "rí" lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù, ẹ wá ọjọ́ ìsanpadà nínú ìròyìn náà fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà.